Ìdí-Igi Tàbí Orí-Ò-Jorí: Bí Wọ́n Ṣe Ń Pín Owó Tí Kò Tó Láàárín Àwọn Ẹ̀ka

Bí owó tó wà nílẹ̀ kò bá lè tó gbogbo ẹ̀ka tó ń retí rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ pín in gbọ́dọ̀ yanjú ni ohun tí òun yóò kà. Ṣé ẹ̀ka ni yóò kà, tàbí àwọn ènìyàn inú ẹ̀ka? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Bí baba tó ní ìyàwó púpọ̀ bá kú, ọ̀nà méjì ni ẹbí mọ̀ láti pín ogún rẹ̀. Ní ìdí-igi, ìyàwó tó bímọ ni wọ́n ń kà. Bí ìyàwó bá jẹ́ mẹ́rin, ìpín di mẹ́rin, ìbáà ṣe pé ọ̀kan bí ọmọ kan ṣoṣo tí èkejì sì bí mẹ́rin. Ní orí-ò-jorí, ọmọ ni wọ́n ń kà, ọmọ kọ̀ọ̀kan a sì gba ìpín kan náà láìka ìyá tó bí i sí.

Ẹjọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, èyí tí àwọn amòfin mọ̀ sí ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, fi bí ìyàtọ̀ yìí ṣe tóbi tó hàn. Olóògbé náà ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí wọ́n pín ogún sí ọ̀nà mẹ́sàn-án. Ilé ẹjọ́ gíga ti àpapọ̀ yí ìdájọ́ náà padà, ó ní ọ̀nà mẹ́rin ni àṣà wí. Ní 1962, ìgbìmọ̀ adájọ́ ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ṣì jẹ́ ilé ẹjọ́ àṣekágbá fún Nàìjíríà nígbà náà, fọwọ́ sí ìdí-igi. Ọmọ tó bá dá wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nínú irú ẹbí bẹ́ẹ̀ yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin bó bá jẹ́ ìdí-igi, yóò sì gba ìdá kan nínú mẹ́sàn-án bó bá jẹ́ orí-ò-jorí. Ogún kan náà ni, ọmọ kan náà ni. Ohun tí wọ́n kà nìkan ló yí padà.

Ilé iṣẹ́, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ìjọba ìbílẹ̀ ń bá ìbéèrè kan náà pàdé lọ́dọọdún nígbà tí ètò ìṣúná bá dé. Tiwọn tún le díẹ̀ ju ti ogún lọ, nítorí pé àwọn tó ń pín ogún kì í sábà bèèrè ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe. Ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ní iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ fi owó ṣe, iṣẹ́ ẹ̀ka kan sì lè náni ju ti òmíràn lọ bí iye ènìyàn inú wọn tilẹ̀ dọ́gba. Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ìpín tó bójú mu: ẹ̀ka fúnra rẹ̀, orí tó wà nínú rẹ̀, àti àìní orí kọ̀ọ̀kan.

Àpẹẹrẹ ilé ìwé girama kan yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé ni. Ká ní ₦6,000,000 ni ilé ìwé náà ní láti fi ra ohun èlò ìkọ́ni fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní ọdún kan. Ẹ̀ka mẹ́rin ló ń retí owó yìí. Áàtì ní akẹ́kọ̀ọ́ 180, kọmáṣà ní 150, sáyẹ́ǹsì ní 120, iṣẹ́ ọwọ́ sì ní 50. Gbogbo wọn jẹ́ 500. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó fẹ́ wá, áàtì kọ ₦1,600,000, kọmáṣà ₦1,800,000, sáyẹ́ǹsì ₦3,600,000, iṣẹ́ ọwọ́ sì kọ ₦2,400,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦9,400,000. Owó kò tó.

Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yóò gba ₦1,500,000. Kò sí ìṣirò tó rọrùn tó èyí, kò sì sí olórí ẹ̀ka tí yóò lè sọ pé wọ́n yàn án jẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wo ohun tó dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní ₦30,000 lórí, nígbà tí ọmọ áàtì kan ní ₦8,333. Ẹ̀ka tó kéré ti jèrè kíkéré rẹ̀.

Bí wọ́n bá wá yí sí orí-ò-jorí, wọn yóò fi 500 pín ₦6,000,000, orí kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ́ ₦12,000. Áàtì yóò gba ₦2,160,000, kọmáṣà ₦1,800,000, sáyẹ́ǹsì ₦1,440,000, iṣẹ́ ọwọ́ ₦600,000. Ó dà bí ẹni pé ó tọ́, nítorí pé ọmọ kan ò ju ọmọ kan lọ. Àmọ́ áàtì ti gba ju ohun tí òun fúnra rẹ̀ bèèrè lọ, kọmáṣà gba gbogbo ohun tó bèèrè láìku kọ́bọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ sì ń wá owó tí yóò fi ra pákó, irin àti wáyà. Àmì tó dájú nìyí pé ìpín kan kò ka àìní rárá: owó ń ṣẹ́ kù níbì kan, iṣẹ́ sì ń dúró níbòmíràn, nínú ọgbà kan náà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú àìní wọ inú ìṣirò ni pé kí wọ́n fún orí kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n. Wọn kò ní fi orí sílẹ̀, wọn yóò kàn jẹ́ kí orí tí iṣẹ́ rẹ̀ náni jù wúwo jù. Kí ìwọ̀n náà má bàa jẹ́ ohun tí ẹnu kàn sọ, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ọjà. Wọ́n á ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lò tán láàárín ọdún kan gẹ́gẹ́ bí ètò ẹ̀kọ́ ṣe là á sílẹ̀. Wọn kì í kọ ohun tí olùkọ́ ń fọkàn fẹ́ síbẹ̀. Ohun tí ọmọ náà kò lè ṣàì lò bó bá fẹ́ jókòó ìdánwò WAEC ni wọ́n ń kọ. Ọmọ sáyẹ́ǹsì ní ìdánwò àfọwọ́ṣe nínú kẹ́mísìrì, físíìsì àti báyọ́lọ́jì, nítorí náà ásíìdì, iyọ̀ àti àwọn ohun èlò onígíláàsì tó máa ń fọ́ wà nínú tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta nǹkan wọ̀nyí.

Ká ní àkọsílẹ̀ náà fi hàn pé ọmọ áàtì kan yóò lo ₦9,000, ọmọ kọmáṣà ₦10,800, ọmọ sáyẹ́ǹsì ₦18,000, ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ ₦27,000. Èyí tó kéré jù ni wọ́n á fi pín gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀n áàtì yóò jẹ́ 1, ti kọmáṣà 1.2, ti sáyẹ́ǹsì 2, ti iṣẹ́ ọwọ́ 3. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n bá ń pín owó yìí, ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ kan dúró fún ọmọ áàtì mẹ́ta. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀n sọ iye orí di púpọ̀, áàtì yóò jẹ́ 180, kọmáṣà náà yóò di 180, sáyẹ́ǹsì yóò di 240, iṣẹ́ ọwọ́ yóò di 150. Àpapọ̀ orí oníwọ̀n jẹ́ 750. Fi 750 pín ₦6,000,000, orí oníwọ̀n kan jẹ́ ₦8,000.

Áàtì yóò gba ₦1,440,000, kọmáṣà iye kan náà, sáyẹ́ǹsì ₦1,920,000, iṣẹ́ ọwọ́ ₦1,200,000. Kò sí èyí tó gba gbogbo ohun tó bèèrè. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìpín yìí tí kò sí nínú àwọn ti ìṣáájú. Ọmọ áàtì tó nílò ₦9,000 rí ₦8,000. Ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ tó nílò ₦27,000 rí ₦24,000. Nínú naira kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni nílò, ó rí nǹkan bíi kọ́bọ̀ 89. Owó tí gbogbo wọn rí kò dọ́gba rárá, àìtó owó ni wọ́n jọ pín dọ́gba. Èyí gan-an ni iṣẹ́ ìwọ̀n, òun náà sì ni ohun tí ó yẹ kí olórí ẹ̀ka tó bá ń ráhùn fi yẹ ìpín wò: kó má fi owó tirẹ̀ wé owó ẹlòmíràn, kó fi iye tí tirẹ̀ kó nínú àìní rẹ̀ wé iye tí ti ẹlòmíràn kó.

Síbẹ̀, nǹkan kan ṣì kù tí orí oníwọ̀n kò rí. Àwọn ìnáwó kan wà tí kì í pọ̀ sí i nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Yàrá iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ ní ohun èlò ìpaná àti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, yálà ọmọ 50 ló ń lò ó tàbí 150. Láàbù gbọ́dọ̀ ní sílíńdà gáàsì. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Fún irú nǹkan báyìí ni wọ́n ṣe ń yọ owó ìpìlẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó pín ìyókù. Bí ilé ìwé náà bá yọ ₦300,000 fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ₦1,200,000 ti lọ, ó ku ₦4,800,000. Fi 750 pín in, orí oníwọ̀n kan di ₦6,400. Áàtì àti kọmáṣà yóò gba ₦1,452,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, sáyẹ́ǹsì ₦1,836,000, iṣẹ́ ọwọ́ ₦1,260,000.

Ẹni tó bá ní ìwé ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà lè kọ ìlànà yìí lẹ́ẹ̀kan kó sì fà á sísàlẹ̀. Bí iye orí bá wà nínú òpó B, tí ìwọ̀n sì wà nínú òpó C, láti ìlà 2 dé ìlà 5, ohun tí wọn yóò tẹ̀ fún ẹ̀ka àkọ́kọ́ nìyí:

```
=300000+4800000*B2*C2/SUMPRODUCT(B$2:B$5,C$2:C$5)
```

Ibi tí àwọn kan ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á ti fi owó gáàsì sínú owó ìpìlẹ̀, wọ́n á sì tún fi sínú ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lò nígbà tí wọ́n ń wá ìwọ̀n. Ẹ̀ka yóò wá gba owó gáàsì lẹ́ẹ̀mejì, láti inú àpò àwọn yòókù. Nítorí náà ni àkọsílẹ̀ ọjà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò tán nìkan.

Owó ìpìlẹ̀ yìí ló ń sọ ibi tí ìpín kan dúró láàárín ìdí-igi àti orí-ò-jorí. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ₦1,500,000 fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, gbogbo owó ti tán sínú rẹ̀, ìdí-igi pátápátá ni wọ́n padà sí. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di òfo, orí oníwọ̀n nìkan ló kù. Ẹ̀ka kékeré a máa fẹ́ kó ga, ẹ̀ka ńlá a máa fẹ́ kó lọ sílẹ̀, àwọn méjèèjì a sì máa pe ohun tí wọ́n fẹ́ ní òdodo. Ohun tó lè là wọ́n níjà ni kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ohun tí owó ìpìlẹ̀ ń rà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye tí kò bá ní orúkọ ohun kan lẹ́yìn kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ń lo irú ìlànà yìí ní gbangba. Apá 162 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 dárúkọ àwọn ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ wò nígbà tí wọ́n bá ń pín owó àpapọ̀: iye ènìyàn, ìdọ́gba àwọn ìpínlẹ̀, owó tí ìpínlẹ̀ ń pa wọlé fúnra rẹ̀, fífẹ̀ ilẹ̀ àti bí ilẹ̀ náà ṣe rí, àti bí ènìyàn ṣe kún ibẹ̀ tó. Nínú ìlànà tí wọ́n ń lò láàárín àwọn ìpínlẹ̀, ìdọ́gba kó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, iye ènìyàn kó 30, ilẹ̀ kó 10, owó abẹ́lé kó 10, ètò ẹ̀kọ́, ìlera àti omi sì jọ kó 10 tó kù. Ìdọ́gba yẹn, ìdí-igi ni. Ìpínlẹ̀ 36 ló ń pín ìdá 40 náà lọ́gbọọgba, tó fi jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ní ìdá kan ó lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó ka orí kan. Bayelsa tó kéré ní ènìyàn àti Kano tó kún fọ́fọ́ jọ gba iye kan náà lábẹ́ rẹ̀. Owó ìpìlẹ̀ ilé ìwé tí a wò jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Nàìjíríà jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Ohun tó sì yani lẹ́nu ni pé àìní gan-an kò kó ju díẹ̀ lọ nínú ìlànà náà, àti pé ìdá 10 tí wọ́n fún owó abẹ́lé ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lágbára láti pa owó wọlé, èyí tó lè jẹ́ òdìkejì ẹni tó ṣaláìní.

Nígbà tí orí bá ti di owó, kíka orí di ìjà. Wọ́n fagi lé ètò ìkànìyàn ọdún 1962 ní Nàìjíríà, wọ́n sì tún un ṣe ní 1963. Èsì ti 1973 náà kò rọ́wọ́ mú. Ìjọba Murtala Mohammed pa á tì ní 1975. Lẹ́yìn ìkànìyàn 2006, èsì ìjọba àpapọ̀ fún Ìpínlẹ̀ Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9, ó sì kéré sí ti Kano, ṣùgbọ́n ìjọba Èkó ní kíkà tí àwọn fúnra àwọn ṣe ju mílíọ̀nù 17 lọ. Àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Èkó mìíràn. Kò sí ìlànà ìpín, bó ti wù kó dára tó, tó lè mú orí tí wọn kò gbà pé ó wà bọ́ sípò.

Ní ilé ìwé, ìjà náà kéré ṣùgbọ́n irú kan náà ni. Orúkọ ọmọ tó ti kúrò láti ọdún tó kọjá lè ṣì wà nínú rẹ́jísítà. Ẹ̀ka tó mọ̀ pé ọjọ́ kan pàtó ni wọ́n ń kà lè yá ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ka mìíràn. Bákan náà ni ọmọ kan lè máa kọ́ ẹ̀kọ́ ní ẹ̀ka méjì, kí ẹ̀ka méjèèjì sì kà á ní odidi. Ìwòsàn ti ìkẹyìn yìí ni kí wọ́n ka ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí àkókò rẹ̀ ṣe pín: bó bá ń lo ìdajì wákàtí rẹ̀ níbí àti ìdajì lọ́hùn-ún, ìdajì orí ni fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Fún ti àkọ́kọ́, ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni kí wọ́n ka orí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì lo ìdá àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ọjọ́ kan ṣoṣo má bàa ní owó lórí. Ọ̀nà tí akápò lè gbà mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ni kó fi àpapọ̀ iye tí àwọn ẹ̀ka mú wá wé iye ọmọ tó sanwó ilé ìwé. Bí àwọn ẹ̀ka bá ní 540 tí àwọn tó sanwó sì jẹ́ 500, orí 40 wà tí kò lára.

Àìní tún ṣòro kà ju orí lọ, nítorí pé ẹnu ẹni tó nílò owó ni ìròyìn rẹ̀ ti sábà ń wá. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi ka àìní ni kí wọ́n pín owó gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bèèrè ṣe tó. Nínú ilé ìwé tí a wò, sáyẹ́ǹsì bèèrè ₦3,600,000 nínú ₦9,400,000, nítorí náà yóò gba nǹkan bíi ₦2,300,000. Bó bá ti mọ ìlànà yìí tẹ́lẹ̀ tó sì kọ ₦7,200,000, àpapọ̀ ìbéèrè yóò di ₦13,000,000, ìpín rẹ̀ yóò sì fò sókè dé nǹkan bíi ₦3,320,000. Ó ti jèrè mílíọ̀nù kan nípa kíkọ iye mìíràn sórí ìwé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, gbogbo ẹ̀ka ni yóò kọ ìlọ́po méjì, ẹni tó sọ òótọ́ ni yóò sì pàdánù. Bí àpapọ̀ ìbéèrè bá ń ga sí i lọ́dọọdún nígbà tí iye akẹ́kọ̀ọ́ dúró sójú kan, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà kejì tó jọ pé ó sàn ni kí wọ́n wo ohun tí ẹ̀ka ná lọ́dún tó kọjá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ètò ìlera rẹ̀. Agbègbè tó ti ní ilé ìwòsàn ńlá látijọ́ ń ná púpọ̀, nítorí pé ó ń ná púpọ̀ ni wọ́n sì ṣe ń fún un ní púpọ̀. Àwọn agbègbè tó yí Lọ́ńdọ̀nù ká ń jẹ àǹfààní rẹ̀, àwọn ti àríwá sì ń ṣe aláìní. Ní 1975 ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti tún ìpín náà ṣe, ìgbìmọ̀ náà sì fi ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1976. Ohun tí wọ́n ṣe jọ ti ilé ìwé wa: wọ́n ka orí, wọ́n sì fún orí ní ìwọ̀n. Àgbàlagbà ń lo ilé ìwòsàn ju ọ̀dọ́ lọ, nítorí náà ọjọ́ orí wọ inú ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ni jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin.

Fún àìsàn tó ju ti ọjọ́ orí lọ, wọ́n wá ohun kan tí ilé ìwòsàn kankan kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọ̀n. Wọ́n lo ikú. Wọ́n á ka iye ènìyàn tó kú ní agbègbè kan, wọ́n á sì ṣírò iye tí ì bá kú níbẹ̀ ká ní àwọn ọmọ ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún àti ọgọ́ta ọdún ibẹ̀ ń kú bí irú wọn ṣe ń kú ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n á fi èkejì pín èkíní, wọ́n á sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Agbègbè tó bá jẹ́ 100 kò yàtọ̀ sí gbogbo ìlú, èyí tó bá jẹ́ 110 ń sin ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ju bó ti yẹ lọ, ìpín rẹ̀ a sì pọ̀ sí i. Ìwọ̀n yìí ní àbùkù, nítorí pé àrùn tó ń fìyà jẹni láìpani, bí làkúrègbé, kì í hàn nínú iye òkú. Àmọ́ kò sí olórí ilé ìwòsàn tó lè fi ìwé kíkọ sọ iye òkú agbègbè rẹ̀ di púpọ̀ láti gba owó. Ìdí kan náà ló mú kí ilé ìwé inú àpẹẹrẹ wa wá ìwọ̀n rẹ̀ láti inú ètò ẹ̀kọ́ WAEC àti iye ọjà, láìwo ìwé ìbéèrè àwọn olórí ẹ̀ka. Ohun tí ẹni tí yóò gba owó kò lè yí padà ló yẹ láti fi wọn àìní rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún mọ̀ pé ìpín tuntun kò gbọ́dọ̀ ṣubú lu ènìyàn lójijì. Diẹ̀diẹ̀ ni wọ́n sún agbègbè kọ̀ọ̀kan dé ibi tí ìṣirò ní kó dé, nítorí pé nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí kò ṣeé gbé kúrò lọ́la. Ká ní ní ọdún tó kọjá áàtì gba ₦2,000,000, kọmáṣà ₦1,500,000, sáyẹ́ǹsì ₦1,500,000, iṣẹ́ ọwọ́ ₦1,000,000. Ìṣirò tuntun yóò já ₦548,000 kúrò lára áàtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ó lè ti ṣe àdéhùn láti ra ìwé. Bí ilé ìwé bá pinnu pé ẹ̀ka kankan kò ní pàdánù ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún kan, áàtì yóò fi ₦200,000 sílẹ̀, kọmáṣà yóò fi ₦48,000 tí ìṣirò bù lára rẹ̀ sílẹ̀, ₦248,000 ni yóò sì wà láti fi gbé àwọn yòókù sókè. Sáyẹ́ǹsì yẹ kó pọ̀ sí i pẹ̀lú ₦336,000, iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ₦260,000. Wọn yóò pín ₦248,000 náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ wọn ṣe tó, sáyẹ́ǹsì yóò rí nǹkan bíi ₦140,000, iṣẹ́ ọwọ́ nǹkan bíi ₦108,000. Ìyókù di ọdún tó ń bọ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé kí ààbò náà máà ní ọjọ́ tí yóò parí, kí ìpín àtijọ́ sì máa wà lọ lábẹ́ orúkọ tuntun. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kọ ọdún tí yóò dópin sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Owó ṣeé gé sí kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tí kò ṣeé gé. Ká ní ẹnì kan fi kọ̀ǹpútà 10 ta ilé ìwé náà lọ́rẹ, tí wọ́n sì fẹ́ lo orí oníwọ̀n kan náà. Kọ̀ǹpútà kan yóò jẹ́ ti orí oníwọ̀n 75. Áàtì yẹ fún 2.4, kọmáṣà fún 2.4, sáyẹ́ǹsì fún 3.2, iṣẹ́ ọwọ́ fún 2 géérégé. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fún wọn ní odidi, 2, 2, 3 àti 2 jẹ́ 9. Ó ku ẹyọ kan. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fún ẹ̀ka tí èérún rẹ̀ tóbi jù. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí kò ṣeé retí, èyí tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ń lò ó fún pípín àga ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láàárín àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 1880 níbẹ̀, akọ̀wé àgbà ètò náà rí i pé bí àga bá jẹ́ 299, Alabama yóò ní 8, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ọ̀kan kún un tó di 300, Alabama yóò ní 7. Ohun tí wọ́n ń pín pọ̀ sí i, ìpín ìpínlẹ̀ kan dín kù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ṣi ìṣirò. Ẹni tó ń pín ohun tí kò ṣeé gé, tó sì rí i pé ọ̀kan tún wọlé lẹ́yìn ìpín, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó tó tún gbogbo rẹ̀ pín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sàn kó fi tuntun náà fún ẹ̀ka tí ó kàn lórí ìlà.

Ní ti kọ̀ǹpútà kẹwàá, áàtì àti kọmáṣà jọ ní èérún 0.4. Ìṣirò kò lè yan ọ̀kan nínú wọn. Ilé ìwé lè sọ pé ẹ̀ka tí orí rẹ̀ pọ̀ jù ni yóò gbà á, tàbí èyí tí kò tíì ní kọ̀ǹpútà rárá, tàbí kí wọ́n dìbò. Èyíkéyìí tí wọ́n bá yàn ṣeé lò, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ náà yóò kàn.